Mo dá oògùn oorun dúró, oorun wá dá lójú mi pátápátá

Àbẹ̀ní Lúgbè

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa ní Àbújá àti òkè Ọya lápapọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi ṣe yẹ̀yẹ́.

Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi láti Ìbàdàn wá síbi iṣẹ́ ní Àbújá ni oorun ti ń ṣe mí níkà. Bàbá àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ ṣì wà nílé, èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá kan ní Lúgbè. Mo máa dùbúlẹ̀, mo máa wo àjà títí aago méjì fi lù. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní kí n ra Lẹ́sótàn. Kẹ́mísìtì ẹ̀yìn ilé wa kò béèrè ìwé dókítà lọ́wọ́ mi, ó kàn já káàdì kan lé mi lọ́wọ́ ni.

Ẹyọ kan ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mílígírámù 3, lálaalẹ́. Níbẹ̀rẹ̀, kí n tó ka Sáàmù tán, mo ti sùn lọ. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jí láàárín òru, ni mo bá sọ ọ́ di ẹyọ méjì. Ìyẹn náà ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀. Ó ti lé ní oṣù méjì báyìí, ẹyọ méjì náà kò sì mú mi sùn ju wákàtí mẹ́rin lọ mọ́.

Ohun tó dẹ́rù bà mí gan-an ni pé mo lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò wa kan ní Kánò, mo gbàgbé oògùn sílé. Òru àkọ́kọ́, mo sùn díẹ̀díẹ̀. Òru kejì àti ìkẹta, ojú mi kò pa dé rárá. Òógùn ń bò mí nínú ọyẹ́ tí gbogbo èèyàn fi ń da aṣọ bora. Àyà mi ń lù kìkìkì. Bí ẹnì kan bá gbé ìdérí ìkòkò nílé ìdáná, bí ẹni pé wọ́n là á mọ́ mi lórí ni. Ẹ̀gbọ́n mi tí mo dé sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ibà ni, ó fún mi ní oògùn ibà. Nígbà tí mo padà dé Lúgbè, mo lo ẹyọ méjì, mo sùn bí ọmọ ọwọ́.

Ṣé àìsàn àìsùn mi ti wá le sí i ni? Ṣé mi ò ní lè sùn láìsí oògùn mọ́ títí ayé? Ṣé kí n sọ ọ́ di mẹ́ta ni?

Mọ̀ńjú Màràbá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ ọ́ di mẹ́ta o, ẹ dákun. Èmi náà ti débẹ̀ rí. Ọgbọ́n tí mo dá ni pé mo ń lò ó lónìí, mo ń fò ó lọ́la. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo bá fò ó, mo máa ń lo Píríítọ̀nù méjì. Píríítọ̀nù kò ní wàhálà, ọmọdé gan-an ń lò ó. Díẹ̀díẹ̀ báyẹn, ara á gbàgbé rẹ̀.

Ọmọ Ọ̀dẹ Utako

Ẹ kú àlàyé o. Oògùn wo lẹ sọ pé èèyàn máa ń sùn kó tó ka Sáàmù tán? Mo ń ṣọ́lé lóru ní Utako, ọ̀sán ni mo fi ń sùn. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì kì í jẹ́ kí n gbádùn, bó bá dákẹ́, àwọn ọmọ iléèwé ti dé. Eélòó ni wọ́n ń ta káàdì kan?

Mọ̀ńjú Màràbá

@Ọmọ Ọ̀dẹ Utako, ẹ̀gbọ́n ń wá bóun ṣe máa jáde, ìwọ ń béèrè ọ̀nà àtiwọlé. Ó dáa náà.

Olóògùn Kúbwá

Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ilé oògùn ni mo ti ń jẹun, ẹjọ́ yìí sì ń wọlé tọ̀ mí wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó tó kan ti Kánò ni mo fẹ́ kọ́kọ́ béèrè ohun kan: aago mélòó lẹ máa ń wọ orí ibùsùn ní Lúgbè, aago mélòó lẹ sì ń dìde?

Ní ti Kánò, ohun tó ṣe yín níbẹ̀ kì í ṣe àìsùn tẹ́ ẹ gbé wá láti Ìbàdàn. Ẹ wo ohun tẹ́ ẹ kọ fúnra yín. Kẹ́ ẹ tó mọ Lẹ́sótàn, ṣebí ẹ kàn ń wo àjà títí aago méjì ni. Kò sí òógùn, àyà kì í lù, ìró ìdérí ìkòkò kì í dùn yín lórí. Gbogbo ìyẹn jẹ́ tuntun, ẹ̀yìn òru kejì tí oògùn kò wọnú yín ló sì dé. Oògùn ló ń kúrò lára, tí ara sì ń jà.

Bó ṣe rí nìyí. Oògùn yìí àti àwọn ẹbí rẹ̀ máa ń ti èròjà kan nínú ọpọlọ lẹ́yìn, èyí tó ń mú kí ara rọlẹ̀. Bó bá ti ń dé lálaalẹ́, ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìhà tirẹ̀ padà kí nǹkan lè dọ́gba. Ẹ fojú inú wo èèyàn méjì tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn kan, ọ̀kan nínú ilé, ọ̀kan níta. Ìdí nìyẹn tí ẹyọ kan kò fi tó mọ́, tí méjì náà sì ti ń rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ara ni agbára ìsùn inú oògùn yìí ti máa ń dín kù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ní Kánò, ẹni tó wà níta ṣàdédé fi ilẹ̀kùn sílẹ̀, ẹni tó wà nínú sì já lu ìta gbàgà. Ìyẹn ni òógùn, ìyẹn ni àyà tó ń lù.

Nítorí náà, oorun tẹ́ ẹ sùn nígbà tẹ́ ẹ padà lo ẹyọ méjì kò fi hàn pé ẹ nílò oògùn títí ayé. Oògùn náà kàn pa iná tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ni. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kó sí pàkúté. Wọ́n á dá a dúró, òru méjì burúkú á dé, wọ́n á ní "ẹ ò rí i, mi ò lè sùn láìlo ó," wọ́n á sì padà sí i. Bí wọ́n bá dúró, òru burúkú wọ̀nyẹn á gòkè, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ bíi méjì. Ohun tuntun kọ́ o. Láti 1978 ni Anthony Kales àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àìsùn tó ń tẹ̀ lé dídá oògùn dúró lójijì máa ń burú ju èyí téèyàn ní kó tó bẹ̀rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé mo ní kẹ́ ẹ dá a dúró lálẹ́ òní. Rárá. Lẹ́yìn oṣù méjì lálaalẹ́, ẹ ò gbọ́dọ̀ já a lójijì mọ́, Kánò ti jẹ́rìí sí i. Mẹ́ta tẹ́ ẹ ń rò náà, ilẹ̀kùn kan náà ni, agbára la kàn fi kún un. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá wá gbàgbé mẹ́ta sílé, á ju ti Kánò lọ.

Àbúrò Mọ̀ńjú, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yín pé ká dín in kù díẹ̀díẹ̀. Fífò rẹ̀ ló burú. Alẹ́ tẹ́ ẹ bá fò, ẹ ti pe Kánò kékeré kan wọlé. Lọ́jọ́ kejì ẹ lò ó, ara yá. Lọ́nà yẹn ẹ ń kọ́ ọpọlọ pé oògùn ni olùgbàlà. Ìwọ̀n ni ká dín, ká má fo alẹ́ kankan. Píríítọ̀nù náà máa ń kunni lóorun lóòótọ́, ṣùgbọ́n bíi ọjọ́ mélòó kan ni ara fi ń mọ tirẹ̀ náà lójú, tí kì í kunni mọ́. Ó ń gbẹ ẹnu, ó ń jẹ́ kí orí wúwo láàárọ̀, bí àwọn bàbá tó ti ní ìṣòro ìtọ̀ bá sì lò ó, ìtọ̀ lè dá dúró.

Mọ̀ńjú Màràbá

Háà. Ìyẹn ni mo ṣe máa ń sùn bí òkú lọ́jọ́ kan, tí mo sì máa ń jí bí ológbò lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, Píríítọ̀nù ń bá mi ṣiṣẹ́ o, mi ò tíì gbà.

Pàpá Sàbó

Mo kí yín láti Sàbó Gàrì, Kánò. Ẹni ọdún 74 ni mí. Fálíọ́ọ̀mù ni tèmi, ọdún tí mo ti ń lò ó kò ṣeé kà mọ́. Àtìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè ni. Lọ́dún tó kọjá, mo dìde lọ tọ̀ lóru, ilẹ̀ yí mi lójú, mo ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, egungun ìbàdí mi dá. Dókítà tó tọ́jú mi ní oògùn oorun wà lára ohun tó gbé mi ṣubú. Mo sọ fún un pé alẹ́ àná ni mo lò ó, ó ní ti ìjẹta gan-an ṣì wà lára mi.

Láti àná ni mo ti pinnu pé mi ò lò ó mọ́. Òru kan ti kọjá, kò sí nǹkan kan tó ṣe mí. Àbẹ̀ní ọmọ mi, boyá ọkàn rẹ ni kò le tó.

Olóògùn Kúbwá

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ dákun, ẹ padà lo ìwọ̀n tẹ́ ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ọmọ yín kan gbé yín lọ rí dókítà láàárọ̀. Ẹ má bínú pé mo ń pàṣẹ fún àgbà. Fálíọ́ọ̀mù máa ń pẹ́ lára púpọ̀, ti àgbàlagbà tún wá pẹ́ jù. Ìyẹn ni òru kan fi kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìjà tirẹ̀ lè dúró di bí ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ kan kó tó dé, nígbà téèyàn ti rò pé òun ti bọ́. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, bí wọ́n bá já a lójijì, gìrì lè mú èèyàn, iyè sì lè dàrú. Ti yín kì í ṣe ohun tá a lè ṣètò lórí fóònù.

Sísí Nọ́ọ̀sì Gwágwáládà

Mo ti rí i, kì í ṣe àsọdùn. Wọ́ọ̀dù ni mo ti pàdé ọkùnrin kan tí gìrì mú lọ́jọ́ kẹta tó dá tirẹ̀ dúró. Àwọn ará ilé ti gbé e dé ilé àdúrà kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Bàbá, ẹ gbọ́ ti olóògùn.

Ṣùgbọ́n olóògùn, mo ní ẹjọ́ kan pẹ̀lú yín. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, dókítà kì í gé Lẹ́sótàn fúnra rẹ̀ tààrà báyẹn. Wọ́n á kọ́kọ́ yí i padà sí dayasẹ́páàmù, ohun tó wà nínú Fálíọ́ọ̀mù gan-an, nítorí pé ó ń pẹ́ lára, kì í jẹ́ kí ìwọ̀n ṣàdédé já wálẹ̀ láàárín ọjọ́. Mílígírámù 6 ti Lẹ́sótàn sún mọ́ 10 ti dayasẹ́páàmù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá máa gé e. Kí ló dé tí a kò ní gba ọ̀nà yẹn fún ìyá yìí?

Olóògùn Kúbwá

Ọ̀nà dáadáa ni, mà, mi ò bá yín jiyàn. Ẹni tó ti ń lò ó fọ́dún mélòó kan, tàbí ẹni tí gígé tààrà ti bá jà, òun ni mo máa ń rò ó fún. Lẹ́sótàn fúnra rẹ̀ kì í tètè kúrò lára bíi oògùn oorun mìíràn tó ń jẹ́ sólpídẹ́ẹ̀mù. Sólpídẹ́ẹ̀mù ti lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, òru àkọ́kọ́ gan-an ni tirẹ̀ fi ń jà. Ti Lẹ́sótàn, wákàtí mẹ́wàá sí ogún ni ìdajì rẹ̀ fi ń wà lára, ìdí nìyẹn tí òru àkọ́kọ́ ní Kánò fi rọ̀ ju ìyókù lọ. Oṣù méjì, mílígírámù 6, bí kò bá ń mu ọtí, tí kò sì ní wárápá: èmi ṣì gbà pé gígé tààrà tó. Ohun mìíràn tí mo rò ni pé àpò oògùn méjì nílé ẹni tó ń gbé lóun nìkan ń bà mí lẹ́rù.

Sísí Nọ́ọ̀sì Gwágwáládà

Mo gbọ́. Èmi kò yí sí tiyín o, ṣùgbọ́n dókítà tó bá rí i lójú-korojú ni kó mú ọ̀kan.

Àbẹ̀ní Lúgbè

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo ka ti Kánò yẹn.

Olóògùn, mo ń dìde ní aago mẹ́rin ààbọ̀ nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú. Bí n bá délé, ó ti rẹ̀ mí, kò sì sí ẹni tí mo máa bá sọ̀rọ̀. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án ni mo ti máa ń wọ ibùsùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bí mo bá lọ sí ọsibítù, wọn ò ní pè mí ní ẹni tó sọ oògùn di bárakú? Mo bẹ̀rù kí wọ́n má fà mí lé ìjọba lọ́wọ́.

Kúnlé Súlèjà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ. Àbúrò mi ń lo D5, ìyẹn dayasẹ́páàmù, pọ̀ mọ́ tíràmádọ̀ọ̀lù, á tún fi ọtí sìn ín. Àárọ̀ ọjọ́ kan la bá a, ètè rẹ̀ ti dúdú, ó ń mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́run ló ní ká tètè dé ọsibítù. Àwọn nọ́ọ̀sì kò pe ọlọ́pàá kankan.

Sísí Nọ́ọ̀sì Gwágwáládà

Ìtọ́jú lẹ ń lọ gbà, mà. Ẹ kàn gbé káàdì oògùn lọ́wọ́, kẹ́ ẹ sọ ìwọ̀n àti ìgbà tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi pamọ́, nítorí ìwọ̀n yẹn ni wọ́n á fi ṣètò. Ọsibítù olùkọ́ni ní Gwágwáládà ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ, ọsibítù Kárù náà ní. Ẹni tó bá sún mọ́ Kàdúná, ọsibítù ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ wà ní Bárnáwà níbẹ̀.

Kúnlé, ẹ kú oríire. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, oògùn oorun, tíràmádọ̀ọ̀lù àti ọtí, ẹ má fi wọ́n pàdé nínú ikùn kan. Kálukú wọn ló ń fà mímí sẹ́yìn.

Olóògùn Kúbwá

Ìyá Àbẹ̀ní, ìdáhùn yín nípa aago ni mo ń retí. Láti mẹ́jọ ààbọ̀ di mẹ́rin ààbọ̀ jẹ́ wákàtí mẹ́jọ lórí ibùsùn. Bí ara yín bá fẹ́ wákàtí mẹ́fà, méjì tó kù lẹ fi ń wo àjà. Níbẹ̀rẹ̀ pàá, aago méjì yẹn wá láti inú ìdánìkanwà àti wíwọ ibùsùn kí oorun tó dé. Lẹ́sótàn bò ó mọ́lẹ̀, kò yanjú rẹ̀.

Bí èmi ṣe máa ń ṣètò rẹ̀ nìyí, ẹ gbé e lọ bá dókítà, kó tún un ṣe bó bá ti wù ú. Ẹyọ méjì lẹ ń lò. Ẹ sọ ọ́ di ẹyọ kan àti ààbọ̀ lálaalẹ́, ẹ dúró síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Lẹ́yìn náà, ẹyọ kan, ẹ tún dúró bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ààbọ̀, kí ẹ tó sọ ọ́ di ìdá mẹ́rin ẹyọ, kí ẹ tó fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá ń sáré lè ṣe é láàárín bí oṣù kan, ẹni tó bá rọra ń lọ, tó sì ń fi ọ̀sẹ̀ kún un, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù mẹ́ta. Mi ò rí ẹni tó kábàámọ̀ rírọra rí. Àwọn àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń le jù, nítorí kúrò ní ààbọ̀ sí ìdá mẹ́rin, ẹ ti gé ìdajì ohun tẹ́ ẹ ń lò kúrò.

Lẹ́yìn gígé kọ̀ọ̀kan, òru kejì sí ìkẹrin lè burú. Ẹ má fi òru wọ̀nyẹn ṣe ìdájọ́. Ìparí ọ̀sẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Bí oorun bá ti ń padà, bó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Bí kò bá tíì padà, ẹ dúró lórí àtẹ̀gùn tẹ́ ẹ wà fún ọ̀sẹ̀ kan sí i, ṣùgbọ́n ẹ má gòkè padà. Àlá tó lágbára lè dé lásìkò yìí, àlá tó le bí ẹni pé ó ṣẹlẹ̀ lójúkorojú. Oorun alálàá tí oògùn ti ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ló ń gbẹ̀san, á kọjá.

Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n tẹ́ ẹ ò lè di ife omi mú, bẹ́ ẹ bá ń rí ohun tí ẹlòmíì kò rí, bí iyè yín bá ń dàrú, tàbí tí iṣan kan ń já pàtì-pàtì lára, ẹ má dúró de ìparí ọ̀sẹ̀. Ọsibítù ni. Aboyún, ẹni tó ní wárápá, ẹni tó ń mutí lójoojúmọ́, àti ẹni tó ń lo ju oògùn oorun kan lọ, kí wọ́n má tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gígé nílé.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gígé yìí, ẹ sún wíwọ ibùsùn sí aago mẹ́wàá ààbọ̀, kí ìdídè sì dúró sí mẹ́rin ààbọ̀ lójoojúmọ́, tó fi mọ́ Sátidé. Bí ojú bá dá lóru, ẹ dìde, ẹ jókòó sórí àga nínú iná tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀ títí oorun á fi tún dé. Ẹ yí ojú aago sí ògiri. Kọfí àti goro, ẹ jẹ́ kó parí lọ́sàn-án gangan. Ẹ má sùn nínú bọ́ọ̀sì bẹ́ ẹ bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ìyẹn ló ń jí oorun alẹ́ kó.

Ọmọ Ọ̀dẹ Utako

Ẹ̀gbọ́n olóògùn, èmi tí mo ń ṣọ́lé ńkọ́? Mi ò tíì rà á o. Ẹ̀rù ti bà mí.

Olóògùn Kúbwá

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ fi aṣọ dúdú bo fèrèsé yàrá yín, ẹ fi owú dí etí, kẹ́ ẹ sùn kété tẹ́ ẹ bá dé kí oòrùn tó mú. Ti ọ̀dẹ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn tó gùn, ẹ ṣí ojú ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Pàpá Sàbó

Mo ti padà sí tèmi lálẹ́ àná. Ọmọ mi obìnrin á gbé mi lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Àbẹ̀ní, má bínú sí ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa ọkàn rẹ.

Àbẹ̀ní Lúgbè

Bàbá, kò sí ìbínú kankan. Ẹ kú ìgbọ́ràn.

Mo ti rí dókítà. Ó ka ohun tí olóògùn kọ, ó gbà á, ó ní kí n fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, kò yí i sí dayasẹ́páàmù. Ó gba káàdì tó kù lọ́wọ́ mi, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń fún mi. Mo wà lórí ẹyọ kan àti ààbọ̀. Òru kẹta kò dáa rárá, mo jókòó lórí àga títí aago mẹ́ta, mo ń gbọ́ tí omi ń kán nínú balùwẹ̀ aládùúgbò. Ó ti rọ̀ báyìí. Mo ti ń sùn bíi wákàtí márùn-ún lórí ìwọ̀n tó kéré sí èyí tó ń fún mi ní mẹ́rin.

Ìbéèrè méjì ló kù. Ìdá mẹ́rin ẹyọ, báwo ni mo ṣe máa gé e? Mo gbìyànjú ọ̀bẹ ìdáná lórí ẹyọ kan, ó di ìyẹ̀fun. Ìkejì, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló yẹ kí n sọ̀ kalẹ̀ sí ẹyọ kan, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an sì ni àwọn olùyẹ̀wéwò ń bọ̀ wá wo ìwé ìnáwó wa níbi iṣẹ́.

Olóògùn Kúbwá

Ilé oògùn ń ta ohun ìgé-oògùn kékeré, oníke, tó ní abẹ nínú. Ẹ ra ọ̀kan. Oògùn náà ní ilà tí wọ́n fà sí i lójú, ẹ gé e lójú ilà yẹn kẹ́ ẹ tó gé ààbọ̀ náà sí méjì. Ìdá mẹ́rin kò ní dọ́gba pátápátá, ẹ má dààmú. Ẹ gé ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ lo gbogbo ìdá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ tán kẹ́ ẹ tó gé òmíràn, tí ọ̀kan bá tóbi, èyí tó tẹ̀ lé e á kéré, àpapọ̀ rẹ̀ ṣì pé.

Ní ti àwọn olùyẹ̀wéwò, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ tán. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kún ẹyọ kan àti ààbọ̀, ẹ kàn pe dókítà kó mọ̀, torí oògùn tó fún yín á parí ṣáájú. Alẹ́ Jímọ́ ni kẹ́ ẹ wá gé e, kí òru kejì tó sábà máa ń le bọ́ sí Sátidé tí ẹ ò ní lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Mọ̀ńjú Màràbá

Olóògùn, èmi tí mo ti ń fò ó látọjọ́ yìí, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ẹyọ kan ni mo ń lò lálẹ́ tí mo bá lò ó.

Olóògùn Kúbwá

Bó bá jẹ́ ẹyọ kan lọ́jọ́ méjì-méjì, ààbọ̀ lálaalẹ́ ni àpapọ̀ rẹ̀. Láti ààbọ̀ lálaalẹ́ ni màá ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi bó ti ṣe pẹ́ tó àti bóyá ohun mìíràn wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí Píríítọ̀nù.

Mọ̀ńjú Màràbá

Ó ti tó ọdún kan. Àgbo tí ìyá kan ń tà ní Nyanya náà wà níbẹ̀. Ọtí wà nínú àgbo náà o.

Sísí Nọ́ọ̀sì Gwágwáládà

Mọ̀ńjú, má bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun nílé. Wá sí ọsibítù.